Ohun Tí Òkú Fájuyì Ń Wò

Ẹni tí kò bá tíì gbé òkú lórí ọ̀kadà rí, kó má bá mi jiyàn. Èmi ti gbé mẹ́ta, méjì nínú wọn sì dúpẹ́ nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ọkùnrin inú fọ́tò Fájuyì yìí, n kò fi iyọ̀ sí i. Òun nìkan ló ṣì ń wá mi wá lójú oorun.

Ìpínlẹ̀ Èkìtì ò tíì ju ọmọ ìrákòrò lọ nígbà náà. Ọkọ̀ akẹ́rù kan jóná ní àdúgbò Fájuyì ní Adó, kò sì pẹ́ tí fótókọ́pì fọ́tò iná náà fi gba gbogbo Adó kan. Nínú bọ́ọ̀sì, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, lábẹ́ igi tí àwa ọlọ́kadà ń sinmi sí, ọwọ́ dé ọwọ́ ni. Gbogbo èrò inú fọ́tò kọjú sí iná. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló kọjú sí ẹ̀gbẹ́, ó ń wo ohun tí kò sí nínú àwòrán, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Àwọn ará Ìgbẹmọ rí i, ara wọn bù máṣọ. Wọ́n ní káfíńtà àwọn ni, ọdún tí wọ́n fún wa ní ìpínlẹ̀ ni wọ́n sin ín. Wọ́n ní àkúdàáyà ni, pé ohun tí ojú rẹ̀ ń wò kò sí láyé yìí.

Ọmọbìnrin akọ̀ròyìn kan, ọmọ Ìbàdàn, wà ní ẹ̀ka ìwé ìròyìn kan ní Adó. Èmi ni mo máa ń gbé e kiri. Mo jókòó lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n olóògbé náà wọlé tòun ti fótókọ́pì.

“Àbúrò mi rè é,” ó ní. “Gbé orúkọ rẹ̀ jáde. Aya rẹ̀ ló pa á, òun ni kò fi rí ibi sùn. Bí ìwé ìròyìn bá ti wí i, obìnrin yẹn á jáde nínú ulé wa.”

Ìpàdé ẹbí ló fẹ́ mú ìwé ìròyìn náà lọ. Ó ti kó ẹrù opó náà síta lẹ́ẹ̀kan, àwọn aládùúgbò ló bá a kó o padà.

Nígbà tó lọ tán, mo ní kí ló tún kù, ṣebí ọmọ ìyá ẹni kì í ṣi ẹni mọ̀.

“Bàbá, ẹni tí orúkọ yẹn máa ṣe láǹfààní ló mú un wá. Ó lè jẹ́ òótọ́ o, àmọ́ mi ò lè dúró lórí ẹnu òun nìkan.”

Olóòtú rẹ̀ ń pè láti Èkó, ó ní àwọn ìwé ìròyìn yòókù á gbé e jáde ṣáájú. Ọmọbìnrin náà ní kí wọ́n máa gbé e.

A bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ipasẹ̀ fọ́tò náà sẹ́yìn: ta ló fún ọ, ta ló fún onítọ̀hún, títí a fi dé ọ̀dọ̀ ayafọ́tò àgbàlagbà kan. Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò tilẹ̀ dé ibi iná ọ̀sẹ̀ yẹn. Ọkọ̀ mìíràn tó jó níbẹ̀ láyé ìjọ́un ni. Ẹnì kan yá fọ́tò náà lọ́wọ́ òun, ó sì pè é ní tuntun. Ọmọbìnrin náà bẹ̀ ẹ́ kó wá fíìmù rẹ̀ jáde kó tún un fọ. Ibi tó dúdú bí èédú lára fótókọ́pì wá mọ́: orúkọ Ìpínlẹ̀ Òndó ló wà lára ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà.

Mo ní ó parí, abẹ́ Òndó la ṣì wà nígbà yẹn, ọkùnrin náà ò tíì kú.

“Ẹ fara balẹ̀, Bàbá. Orúkọ Òndó ṣì wà lára àwọn ọkọ̀ kan títí dòní.” Ó gbé fíìmù náà sókè síbi fèrèsé, ó sì wo àwòrán tó tẹ̀ lé e. Ayafọ́tò ti yí ara padà sápá ibi tí ọkùnrin náà ń wò. Obìnrin kan ló ń bọ̀ níbẹ̀ tòun ti igbá lórí.

Ó ní kí wọ́n fọ ìyẹn náà. A gbé e lọ sí Ìgbẹmọ. Ọmọbìnrin náà kò dárúkọ ọkọ, kò dárúkọ iná. Ó kàn da fọ́tò obìnrin náà pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn, ó tẹ́ wọn síwájú opó, ó ní bóyá ó mọ ẹnì kan níbẹ̀.

Opó náà fọwọ́ kàn án. “Èmi rè é. Ọjọ́ tí ọkọ̀ jó ní Fájuyì. Ìbẹ̀rù lé mi jáde, mo wọ bàtà ẹsẹ̀ kan funfun, ìkan dúdú. Ọkọ mi dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń fi mí rẹ́rìn-ín.”

A wo ẹsẹ̀ inú fọ́tò: funfun kan, dúdú kan.

Ìgbà yẹn ni ọmọbìnrin náà tó gbé fọ́tò ọkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Opó náà wò ó, kò sunkún. Ó ní, “Kò tíì gbójú kúrò.”

Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ni pé fọ́tò iná àtijọ́ ni, pé ẹni tó wà nínú rẹ̀ wà láàyè lọ́jọ́ tí wọ́n yà á. Olóòtú ní nígbà tó ti dájú, kó fi orúkọ sí i. Ọmọbìnrin náà kọ̀. Ó ní ó dájú lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkú náà ò ṣe ìròyìn kankan, ọkọ̀ ló jó. Ẹ̀gbọ́n rí ìwé ìròyìn, kò rí ohun tó máa gbé lọ sípàdé. Opó náà wà nínú ilé rẹ̀.

Mo yà síbẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Ó ti gbé fọ́tò méjèèjì kọ́, ọkọ lógiri kan, òun lógiri kejì tó dojú kọ ọ́. Mo gba àárín wọn kọjá kí n lè lọ jókòó, nǹkan kan tutù kọjá lára mi bí omi. Ẹ lè ní irọ́ mi ti dé. Nígbà tí mo fẹ́ lọ, mo gba ẹ̀yìnkùlé.