Bí Mo Ṣe Ṣírò Àkókò Àbúrò Mi

Akọ̀wé ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìgbẹ̀yìn àwọn ọdún 1980. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ní òun ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún tí ó sì lo mẹ́fà, ojú mi á ti sọ ọ́ kí ẹnu mi tó là. Ìyá Onísẹ́kọ́ǹdì ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń pè mí lẹ́yìn. Wọ́n rò pé n kò gbọ́. Mo gbọ́, ó sì dùn mọ́ mi.

Àbúrò mi ọkùnrin ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìdárayá ní Ọ̀yọ́. Ó wá bá mi ní ọjọ́ Sátidé kan, ó ní wọ́n fẹ́ ṣe eré kan tí wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́, tí wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ sáré, lọ́kan tẹ̀ lé èkejì. Wọn yóò lúwẹ̀ẹ́ 1,500 mítà nínú dáàmù ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọn yóò gun kẹ̀kẹ́ 50 kìlómítà dé àbáwọlé Ọ̀yọ́, wọn yóò sì sáré 10 kìlómítà nínú ìlú. Ẹni tí ó bá parí láàárín wákàtí mẹ́ta àti àádọ́ta ìṣẹ́jú ni wọn yóò mú mọ́ àwọn tí yóò ṣojú ìpínlẹ̀. Ẹni tí ó bá pẹ́, kó máa lọ sílé. Ó ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ó mọ̀ pé bí kò bá wọlé lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ẹni tí yóò tún pè é.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi ṣírò ó. Ṣé màá dé e?"

Ta ni ó ń bi? Mo yá aago eré ìdárayá ilé ẹ̀kọ́ wa, mo sì tẹ̀ lé e lọ sí púùlù ìlúwẹ̀ẹ́ kan. Ìṣẹ́jú méjì àti sẹ́kọ́ǹdì márùndínlógójì ni ó ń fi lúwẹ̀ẹ́ 100 mítà. Mo fi sẹ́kọ́ǹdì márùn-ún kún un, torí ní púùlù, ó ń fi ẹsẹ̀ ti ara rẹ̀ kúrò lára ògiri nígbàkígbà tó bá yípadà, dáàmù kò sì ní ògiri. Ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìṣẹ́jú méjì àti ogójì sẹ́kọ́ǹdì jẹ́ ogójì ìṣẹ́jú gééré. Lórí kẹ̀kẹ́, ó ń rin 25 kìlómítà ní wákàtí kan. Wákàtí méjì nìyẹn. Bó bá ń fi ẹsẹ̀ sáré, ìṣẹ́jú mẹ́fà ni kìlómítà kan ń gbà á. Wákàtí kan nìyẹn. Mo rò wọ́n pọ̀: wákàtí mẹ́ta àti ogójì ìṣẹ́jú. Mo fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀.

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló ṣẹ́ kù fún ọ," mo ní. "O lè jókòó mu ẹ̀kọ lójú ọ̀nà."

Ó wo ìwé náà, ó wò mí. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé inú omi ni màá ti máa gun kẹ̀kẹ́ ni?"

"Kí lo wí?"

"Ẹ ò ka ìgbà tí màá nu ara tí màá wọ bàtà. Aago ò ní dúró dè mí kí n de okùn bàtà o."

Ojú tì mí. Èmi tí mo ń ka sẹ́kọ́ǹdì lé ọmọ ọlọ́mọ lórí! A gbé bẹ́sìn omi sí àgbàlá, ó rì sínú rẹ̀, ó dìde, ó nu ara, ó wọ bàtà, ó fo gun kẹ̀kẹ́. Kò tó ìṣẹ́jú méjì. Mo fún un ní mẹ́ta, torí ọwọ́ a máa gbọ̀n lọ́jọ́ eré. Mo tún fún un ní mẹ́ta níbi tí yóò ti fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú mẹ́rìndínláàádọ́ta. Mẹ́rin péré ló ṣẹ́ kù, ṣùgbọ́n ìṣirò náà ti pé báyìí, èyí ló sì jẹ mí lógún jùlọ.

Ibi tí ọgbọ́n mi pin sí nìyẹn, torí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìṣirò náà yangàn. Mo sọ fún ìyá wa, ẹni tí í ṣe aládùúrà, pé aago méje ni eré yóò bẹ̀rẹ̀, àti pé nígbà tí aago méje bá kọjá ogójì ìṣẹ́jú ni àbúrò mi yóò jáde nínú omi.

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Màmá, kò ní yẹ̀."

Mo tún ránṣẹ́ sí bàbá ìyàwó rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ pé nǹkan bí aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú ni yóò dé àbáwọlé ìlú, kí wọ́n wá jókòó wò ó níbẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, àbúrò mi jáde nínú dáàmù ní ogójì ìṣẹ́jú àti ogún sẹ́kọ́ǹdì. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Mo yíjú sí ibi kẹ̀kẹ́ rẹ̀, mo sì rí aṣọ funfun. Màmá àti àwọn ará ìjọ rẹ̀ ti tò yí kẹ̀kẹ́ ká, pẹ̀lú agogo àti omi àdúrà. Wọn kò pẹ́. Báwo ni wọn yóò ṣe pẹ́, nígbà tí èmi ni mo fún wọn ní aago? Ká ní mo jẹ́ aláìmọ̀ṣirò, wọn ì bá ti pàdánù rẹ̀.

Àbúrò mi dọ̀bálẹ̀ fún Màmá tòun ti omi lára. Alàgbà gbé ọwọ́ lé e lórí. "Kẹ̀kẹ́ yìí kò ní jù ọ́ sílẹ̀!"

"Àmín!"

"Ẹ jẹ́ ká ké Halelúyà méje!"

Méje ni wọ́n ké, wọn ò gé e kúrú. Èmi náà ń ṣe àmín, mo ń wo aago, n kò sì lè pa ẹnu mọ́, torí ọmọ ìyá mi ni wọ́n ń gbàdúrà fún. Nígbà tó gun kẹ̀kẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́jọ ló ti lò níbẹ̀.

Mo wọ ọkọ̀ àwọn tó ń ṣètò eré, mo tún ìṣirò ṣe lójú ọ̀nà. Ó ti lo ìṣẹ́jú méjìdínláàádọ́ta àti ogún sẹ́kọ́ǹdì. Fi wákàtí méjì kún un, fi ìṣẹ́jú mẹ́ta kún un, fi wákàtí kan kún un: wákàtí mẹ́ta, ìṣẹ́jú mọ́kànléláàádọ́ta àti ogún sẹ́kọ́ǹdì. Ó ti pẹ́! Kó tó lè dí i, yóò fi sẹ́kọ́ǹdì mẹ́jọ yára sí i lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan nígbà tó bá ń fi ẹsẹ̀ sáré, ẹsẹ̀ tó ti wa kẹ̀kẹ́ fún wákàtí méjì. Ibi kan ṣoṣo tí a ti lè rí ìrọ̀rùn ni ibi ìfikẹ̀kẹ́sílẹ̀. Ìgbà náà ni mo rántí ẹni tí mo ní kó wá jókòó síbẹ̀.

Àna rẹ̀ ti wà níbẹ̀ lórí àga, pẹ̀lú agbádá. Ọkọ ọmọ kò gbọdọ̀ rí bàbá ìyàwó rẹ̀ kó má dọ̀bálẹ̀ gbalaja, bàbá yìí kò sì mọ ìkíni kúkúrú. Mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú ìjókòó. Ẹ dákun, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó kí yín."

"Kí ló ṣe ọmọ mi? Ṣé ó ń bínú sí mi ni?"

"Rárá o, sà! Aago ni. Bó bá kí yín, kò ní wọlé."

"Bí mo bá jókòó síbí tí kò kí mi, gbogbo Ọ̀yọ́ á gbọ́."

"Bí ẹ ò bá rí i ńkọ́, sà?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó yí àga rẹ̀ padà, ó kọjú sí ògiri. "Ògiri ni mo wá wò," ó ní.

Àbúrò mi dé lákòókò tí mo pè. Ó rí ẹ̀yìn agbádá náà, ó fẹ́ dúró.

"Bàbá ò rí ẹ! Máa lọ!" mo pariwo. Ó ti pẹ́ tí mo ti pariwo bẹ́ẹ̀.

"Mi ò rí i o!" Bàbá náà bá mi pariwo sí ògiri.

Ìṣẹ́jú kan àbọ̀ ló lò. Bó bá sáré bí mo ṣe ṣírò rẹ̀, sẹ́kọ́ǹdì mẹ́wàá péré ni yóò ṣẹ́ kù. A gbé Bàbá sínú ọkọ̀ lọ sí ibi tí eré yóò parí sí. Mo dúró, mo di aago mú. Ó yọ níkorítá, ó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́. Ó kọjá ìlà, ó ṣubú gbalaja síwájú Bàbá.

"Ọmọ mi, mo ti gbà á, dìde," ni Bàbá ń wí. "Àní kó o dìde. Ó tó bẹ́ẹ̀."

Kò lè dìde. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbi etí rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n... ṣé mo wọlé?"

"Ogójì sẹ́kọ́ǹdì ló ṣẹ́ kù."

Ó di ojú, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má sọ fún Màmá o. Wọ́n á ní Halelúyà méje yẹn ló fún mi lẹ́sẹ̀."

Wọ́n kúkú ti ń wí bẹ́ẹ̀ kí n tó padà dé Ògbómọ̀ṣọ́. N kò ní ìṣirò tí mo lè fi jiyàn.