Bí Mo Ṣe Gé Ọ̀rọ̀ Bàbá Mi sí Ìṣẹ́jú Márùn-ún

Èmi ni mo gé ọ̀rọ̀ Bàbá mi. Kí ẹnikẹ́ni má dá ẹlòmíràn lẹ́bi.

Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nítòsí Òkè-Ọ̀dàn, níbi tí wọ́n ti ṣe tíṣà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, fẹ́ yẹ́ wọn sí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fún wọn láti sọ̀rọ̀, Bàbá mi sì kọ ọ̀rọ̀ kún ojú ìwé mẹ́rin. Ṣùgbọ́n àyà ti ń yọ wọ́n lẹ́nu tipẹ́. Tí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, èémí wọn á máa já.

“Ìwọ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní díbéètì ní Ìlaròó,” ni wọ́n sọ fún mi, “bá mi gé e sí ìdajì. Ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ yọ ìtàn ọmọ yẹn. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń lọ.”

Mo mọ ìtàn náà. Ìyá kan mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá láti òdìkejì bọ́dà, níbi tí wọ́n ti ń fi Faransé kàwé. Bàbá mi bi ọmọ náà ní kíláàsì bóyá ó ti ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe wá láti ilé. Ó dìde, ó ní, “Wí.” “Bẹ́ẹ̀ ni” ló ń sọ o, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ pé kó máa dá tíṣà lóhùn. Etí Yorùbá ni Bàbá mi, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé agbègbè bọ́dà nígbà náà, fi gbọ́ ọ, àfi bíi pé ọmọdé ń pàṣẹ fún àgbà pé kó sọ̀rọ̀. Wọ́n tún bi í, ó tún ní, “Wí.” Wọ́n nà án débi pé ó tọ̀ sára. Ìyá rẹ̀ mú un padà, kò sì wá síléèwé mọ́. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, lọ́jà òdìkejì, Bàbá mi gbọ́ tí obìnrin kan ń dá ẹlẹ́ja lóhùn pé, “Wí, wí,” ọ̀rọ̀ bá yé wọn. Wọ́n wá ọmọ náà títí, wọn ò rí i. Àwọn ìbátan rẹ̀ kan ṣì wà lábúlé tí iléèwé náà wà. Bàbá mi fẹ́ bẹ̀ ẹ́ níwájú gbogbo èèyàn, bóyá á dé etí rẹ̀.

Mo mú bírò pupa. Ìkíni nìkan ń gbà tó ìṣẹ́jú méjì, látorí kábíyèsí títí dórí ẹgbẹ́ òbí. Mo sọ gbogbo ẹ̀ di gbólóhùn kan. Mo yọ ìtàn ewúrẹ́ tó jẹ rẹ́jísítà, bó tilẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dé orí orúkọ àwọn tíṣà tó ti kú, ìjà dé.

“Ta ló tún máa pè wọ́n?” ni Bàbá mi béèrè.

Mo ní kí wọ́n kàn sọ pé “àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́ tí wọ́n ti lọ.” Wọ́n gbà. Mo mọ̀ pé ó dùn wọ́n.

Wọ́n ka èyí tó kù sókè, mo fi fóònù wo àkókò. Ìṣẹ́jú márùn-ún àti ààbọ̀ ni. N ò lè ní kí wọ́n yára kà á, torí èémí. Mo bá wo ibi tí ìtàn ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀: “Mo ṣe ọmọ kan ní àìdáa ní iléèwé yìí, ó sì ń dùn mí títí dòní.” Mo fa ìlà pupa lé e, àti gbólóhùn mẹ́rin tó tẹ̀ lé e.

“Bàbá, ẹ kàn bẹ̀rẹ̀ látìgbà tí ẹ bi í léèrè. Ẹ̀bẹ̀ á gbẹ̀yìn.”

Ohun tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ díbéètì mi nìyẹn. Wọ́n tún kà á, kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún. Èmi ọlọ́gbọ́n, inú mi dùn.

Lọ́jọ́ ayẹyẹ náà, nígbà tí Bàbá mi dé ibi “Wí”, gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ta ló ń gbé lẹ́bàá bọ́dà tí kò mọ ìtumọ̀ ẹ̀? Nígbà tí ọmọ náà tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, àwọn kan ń lu tábìlì. N ò lè dá wọn lẹ́bi. Gbólóhùn tí ì bá sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ ẹkún ni, èmi ni mo yọ ọ́. Bàbá mi dúró dè wọ́n. Wọ́n lanu, ẹ̀rín tún bò wọ́n mọ́lẹ̀. Nígbà tí ilé wá dákẹ́, wọ́n ní, “Mo nà án,” èémí sì já. Wọ́n di tábìlì mú.

Mo sáré lọ síwájú, mo gba ìwé, mo ka èyí tó kù: “Ọmọ mi, níbikíbi tí o bá wà, èmi ni mo ṣì ọ́ gbọ́. Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ gbọ́ tẹnu ọmọ kí ẹ tó nà án.” Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún mi. Ojú gbà mí tì gan-an.

Nínú mọ́tò, mo ní kí wọ́n má bínú. Wọ́n ní mo kà á dáadáa. Nígbà tí a ń wọ Ìlaròó, wọ́n yíjú sí mi.

“Ìwọ lo bẹ̀ ẹ́,” ni wọ́n sọ. “Èmi ò tíì bẹ̀ ẹ́.”

Lọ́sẹ̀ kẹta lẹ́yìn náà, a sin òkú Bàbá mi.