Fáírọ́ọ̀sì tí kò sí nínú iṣu ìyá

Èmi ni mo ṣàṣìṣe. Nílé àyẹ̀wò wa ní Kábbà, mo fi DNA ewé iṣu ìyá kan ní Iffe nítòsí wa wá ìbátan lórí BLAST, ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi DNA wéra, láàárín fáírọ́ọ̀sì nìkan. Ọ̀kan bá a mu láìyẹ̀, mo sì ní kí ìyá hú iṣu rẹ̀ dáná sun kí àrùn má bàa ràn. Ó dáná sun ún, tirúgbìn-tirúgbìn.

Ọ̀gá mi bi mí pé, "Lẹ́tà DNA mélòó ló bára mu?"

"Ogún nínú ẹgbẹ̀rin, sà. E-value rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta."

"Irú rẹ̀ mẹ́ta lè ṣèèṣì yọ níbẹ̀ nìyẹn. Ṣé ẹni tí imú ẹ̀ bá ti jọ tìẹ ló di ọmọ bàbá ẹ?"

Mo tún un wá láàárín gbogbo ẹ̀dá. DNA iṣu fúnra rẹ̀ ló bá a mu látòkè délẹ̀, E-value sì di òdo.

Mo lọ jẹ́wọ́ ní Iffe. Ìyá kí mi bí wọ́n ṣe ń kíni níbẹ̀, ó ní, "Okun. Irúgbìn mi ńkọ́?"

Mo ti ń bá a kọ ebè tuntun. Irúgbìn yẹn ni mo ṣì jẹ ẹ́ ní gbèsè.