Ohun Tó Wà ní Ìdí Rútà Ẹ̀gbọ́n Mi

Kó tó di agogo méjìlá ọ̀sán, àbúrò mi gbọ́dọ̀ fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ láti wá iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Onígbólò. Bí àkókò bá kọjá, ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ní Sakété. Ìwé náà á lọ dé ìdajì, á dúró.

Ohun tó fà á kò jìnnà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ra rútà, àpótí kékeré tó ń pín wífì, ó kọ kóòdù rẹ̀ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn, kí àdúgbò lè máa pè é ní màmá olówó. Wọ́n sì ń pè é. Àwọn sẹ́míjàn tó ń fi alùpùpù gbé èrò wá fẹ̀yìn ti ògiri rẹ̀, wọ́n ń fi wífì náà wo bọ́ọ̀lù lórí fóònù.

"Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ kóòdù, kí gbogbo wọn já," ni mo wí.

Èmi tí mo ka ìwé ní yunifásítì, mo tẹ àdírẹ́sì rútà, 192.168.1.1, láti orí wá. Kò sí ohun tó ṣí. Mo yí rútà dojú dé láti wo àdírẹ́sì rẹ̀ ní ìdí. Sítíkà ìjọ ẹ̀gbọ́n mi ló bò ó pátápátá.

"Má fọwọ́ kàn án o! Wòlíì ló lẹ̀ ẹ́, nítorí àrá."

"Àrá kọ́ ló ń jẹ wífì yín, ẹ̀gbọ́n. Bọ́ọ̀lù ni."

Àbúrò mi kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Aago ń lọ."

Ẹ̀gbọ́n wa wò ó. Ó gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́, ó fi áyọ́ọ̀nù mú àkísà gbóná, ó gbé e lé sítíkà náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Etí ìwé pélébé tí wọ́n kọ àdírẹ́sì sí lábẹ́ rẹ̀ ń bá a bọ̀.

"Ẹ rọra! Bí nọ́ńbà bá bá a lọ, a gbé!" ni mo kígbe.

Kò bá a lọ. Mo kà á sókè: 192.168.8.1, orúkọ, admin, lẹ́yìn náà kóòdù ìwọlé tí ẹnikẹ́ni kò tíì pààrọ̀ rí. Àbúrò mi ń tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe ń kà á. Ojú ewé ṣí. A fi kóòdù wífì tuntun sí i, a tẹ̀ ẹ́ pé kó gbà á, àwa náà sì já pẹ̀lú wọn. A fi kóòdù tuntun wọlé padà. Ìwé náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ó dé ìdajì.

Ó kọjá ìdajì. Ó wọlé.

Ohùn kan kígbe níta: "Màmá olówó, wífì ti kú o!"

"Ẹ lọ sin ín," ni ẹ̀gbọ́n mi dáhùn. Ó lẹ sítíkà náà sórí rútà, ó bu omi sí àkísà, ó lọ nu kóòdù kúrò lára ilẹ̀kùn rẹ̀.