Orúkọ Ọṣẹ Tí A Ti Dúpẹ́ Lé Lórí

Àwa méjì la jọ ń se ọṣẹ olómi nínú yàrá tí a háyà ní Yábàá, èmi àti ọ̀rẹ́ mi tí a jọ jáde yunifásítì. Orúkọ àdúgbò wa la kọ́kọ́ fi ń pè é. Nígbà tí ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Sùúrùlérè ní òun máa gbé e sórí àtẹ, orúkọ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í rùn sí wa. A gbààwẹ̀ fún tuntun, ọ̀rẹ́ mi sì rí i lójú àlá.

A fi orúkọ náà forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Wọ́n ní kò sí ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ ẹ, wọ́n fún wa ní sátífíkéètì. Lójú tiwa, ó parí. A tẹ lébẹ́ẹ̀lì ní Ṣómólú, a gbé ìgò ọṣẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a ní Ọlọ́run ló fún wa lórúkọ. Mo jó títí bàtà mi fi já.

Lẹ́yìn ìsìn, lọ́yà kan nínú ìjọ, àǹtí gbogbo wa, pè wá sẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Ṣé ẹ ti wádìí orúkọ yìí lọ́dọ̀ àwọn tíréèdìmáàkì?”

“Àǹtí, a ti ní sátífíkéètì.”

“Ti ilé-iṣẹ́ yín nìyẹn. Orúkọ tí ẹ lẹ̀ mọ́ ọjà, ọ̀tọ̀ nibi tí wọ́n ti ń gbà á.”

Ó bá wa wádìí. Obìnrin kan ní Kàdúná ló ti gbà á, ọṣẹ lòun náà ń se. Ọ̀rẹ́ mi ní Kàdúná jìnnà.

“Gbogbo Nàìjíríà ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ dé,” ni àǹtí wí. “Ká ní táyà ló ń tà ni, ọ̀rọ̀ lè yàtọ̀. Ọṣẹ ni tiẹ̀, ọṣẹ ni tiyín. Ó lè gbé yín lọ sí kóòtù.”

A yan orúkọ mìíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, àǹtí wádìí kí a tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó tún kìlọ̀ pé tí a bá ti fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tíréèdìmáàkì, wọ́n ṣì máa gbé e jáde fáráyé, bóyá ẹnìkan á takò ó, ká má tíì tẹ lébẹ́ẹ̀lì rẹpẹtẹ.

Ó wá ku ká sọ fún ìjọ. Ojú ń tì mí bí mo ṣe dúró níwájú àwọn tó bá wa jó. Mo ní, “Ẹnìkan ti ni orúkọ yẹn tẹ́lẹ̀.” Kí n tó sọ pé obìnrin náà ò ṣẹ̀ wá, pásítọ̀ ti gba máíkì.

“Ọ̀tá ti gba ògo wọn! Ẹni tó gbà á, kò ní jèrè rẹ̀!”

Ìjọ pariwo. Gbogbo ojú wà lẹ́nu mi. Obìnrin tó ń se ọṣẹ tiẹ̀ jẹ́jẹ́ ní Kàdúná, mo ṣe àmín lé e lórí.