Ẹyin Tí Mo Dín fún Bàbá Mi

Mo rántí ọdún tí epo rọ̀bì tú sínú omi wa, tí ẹja ń léfòó ní òkú káàkiri etí òkun. Ilé ìwé girama ni mo wà nígbà náà, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ni mo sì ń gbé ní Ode Ugbo. Ìyá àgbà kì í jẹ́ kí n dé ìdí iná rárá. Wọ́n ní ìwé ni kí n gbájú mọ́. Èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀, nítorí èmi ni mo máa ń gba ipò kìíní nínú ìṣirò, mo sì rò pé ẹni tó lè yanjú ìṣirò líle kò nílò láti kọ́ oúnjẹ sísè lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Òwúrọ̀ Sátidé kan ni bàbá mi fi ọkọ̀ ojú omi dé láti abúlé tí wọ́n ti ń pẹja. Ìyá àgbà ti lọ sọ́jà. Epo dúdú ṣì wà ní èékánná ẹsẹ̀ bàbá mi. Wọ́n ní àwọn ń bá àwọn apẹja kan lọ sí òkun ọ̀nà jíjìn, níbi tí omi ṣì mọ́, àti pé ọkọ̀ àwọn apẹja náà kò ní pẹ́ wá gbé àwọn.

“Ṣé nǹkan jíjẹ wà nílé?” ni wọ́n bi mí. “Láti àná ni mi ò ti jẹun.”

Ẹja kì í wọ́n nílé wa tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ẹyin mẹ́rin péré ló wà nínú agbọ̀n.

“Ẹ jókòó, Bàbá. Mo máa dín ẹyin fún yín.”

“O mọ̀ ọ́n dín?”

“Kí ló le nínú ẹyin dídín?”

Mo tan sítóòfù, mo yí iná rẹ̀ sókè dé ibi tó lè dé, mo gbé páànù lé e, mo sì da òróró sí i. Ìgbà yẹn ni mo tó ń wá abọ́. Mo bu iyọ̀ tí mo rò pé yóò tó ẹyin mẹ́rin sínú rẹ̀, mo sì ń fọ́ ẹyin lé e lórí. Àkọ́kọ́ dára, èkejì dára. Ẹ̀kẹta bú nígbà tí mo fọ́ ọ, omi aláwọ̀ eérú sì dà sórí àwọn tó dára. Òórùn rẹ̀ lé mi sẹ́yìn. Bí ẹyin mẹ́ta ṣe ṣòfò nìyẹn. Mo sáré dà á nù, mo fọ abọ́, mo fọ́ ẹyin kan tó kù, mo sì tún bu iyọ̀ ti ẹyin mẹ́rin sí i, nítorí orí mi kò ṣe ìṣirò kankan mọ́.

Òróró ti ń rú èéfín kí n tó padà dé ìdí rẹ̀. Mo da ẹyin sí i, ó ta pàrà. Etí rẹ̀ dúdú lójú ẹsẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ páànù, àárín rẹ̀ sì ṣì ń yọ̀ bí ikun. Ṣíbí ni mo fi ha á jáde.

Bàbá mi jẹ ẹ́ tán. Wọ́n mu omi ife méjì.

“Ta ló ń lé ọ?” ni wọ́n wí. Wọn kò pariwo. “Kí o tó fọ́ ẹyin, kọ́kọ́ kó o sínú omi. Èyí tó bá sùn sísàlẹ̀ dára. Èyí tó bá léfòó ti bàjẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí o máa fọ́ ọ sínú abọ́ kékeré, kí ọ̀kan má ba ìyókù jẹ́. Jẹ́ kí òróró gbóná, kó má rú èéfín. Kí o wá yí iná sílẹ̀, kí inú rẹ̀ lè jinná kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó jó. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.”

Mo ní, “Mo ti gbọ́, Bàbá.” Inú ń bí mi. Mi ò wo ojú wọn.

Ọkọ̀ àwọn apẹja dé, àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì pe bàbá mi láti èbúté. Wọ́n dìde, wọ́n ní kí n kí ìyá àgbà, wọ́n lọ. Èmi dúró ti páànù, mò ń fi iyanrìn ha á, mi ò sìn wọ́n dé èbúté.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ṣe gbogbo ohun tí wọ́n sọ, ẹyin náà sì jinná dáadáa, ó rọ̀, ó pọ́n. Ìyá àgbà jẹ ẹ́, wọ́n yìn mí. Kí òjò ọdún náà tó dá, ọkọ̀ àwọn apẹja padà dé. Bàbá mi kò sí níbẹ̀. Àwọn apẹja ní ìgbì ló gbé bàbá mi lọ ní òwúrọ̀ kan tí àwọn ń fa àwọ̀n, àwọn kò sì rí òkú wọn.

Mo ti dàgbà ju iye ọdún tí bàbá mi lò láyé lọ báyìí. Àwọn ènìyàn máa ń sọ fún mi pé ó kéré tán, èmi ni mo fún wọn lóúnjẹ ìkẹyìn tí wọ́n jẹ nílé. Mo máa ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé nígbà tí mo gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà ń dún lọ lọ́jọ́ yẹn, inú mi dùn pé wọ́n ti lọ.