Òṣùwọ̀n tí Mikail Sin sí Lakowe

Wọ́n ní Mikail bíríkìlà sin òṣùwọ̀n ilé rẹ̀ sínú ìpìlẹ̀ ilé kan ní Lakowe, pé ilé náà sì ti ń sanra. Gbogbo Ṣàngótẹ̀dó ló gbọ́.

Òótọ́ ni pé ó gbé òṣùwọ̀n kúrò nílé. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni Bàlíkísù, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́sàn-án, máa ń gun orí rẹ̀, tí ará ilé á sì máa pariwo iye tó wọ̀n. Nígbà tó yá, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ọmọ náà ti ń jẹun.

Nígbà tí wọ́n mú un dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá Bàlíkísù, ẹ má wọ̀n ọ́n nílé mọ́, ẹ má sì pè é ní òrobó. Àwa á máa wò ó níbí. Kí gbogbo yín jọ máa jẹun, kẹ́ ẹ jọ máa mu omi dípò mínírà, kẹ́ ẹ sì jọ máa rìn."

Gbogbo ilé gbà. Mikail ló kù. Bàbá kì í ti ibi iṣẹ́ dé lọ́wọ́ òfo: púfù-púfù àti mínírà ni, látìgbà tí ọmọ ti ní eyín. Lọ́jọ́ tó dé lọ́wọ́ òfo, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí olè.

"Ẹ wọlé, ilé yín ni," ni Sìmbíátù ìyàwó rẹ̀ wí.

Lọ́jọ́ kejì, ó ra ọsàn. Lọ́jọ́ kẹta, púfù-púfù tún wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí àwọn aládùúgbò bi í léèrè òṣùwọ̀n, ó ní, "N ò sin ín. Abẹ́ àpò sìmẹ́ńtì níbi iṣẹ́ ló wà. Bàlíkísù ò sì ní wàhálà kankan. Èmi ni ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń wọlé lọ́wọ́ òfo."